Iye tí owó ń ná wa: ìṣirò WACC fún ẹ̀rọ ìfúnkòkó tuntun

Sí: Ìgbìmọ̀ olùdarí, Àkúrẹ́
Láti: Ẹ̀ka ìṣirò owó
Oṣù Kẹta, 2025

Ẹ̀yin àgbà wa,

Ẹ ní kí n ṣàlàyé ìdí tí WACC, ìyẹn ìpíndọ́gba ohun tí owó onípìn-ín àti gbèsè ń ná wa lọ́dún, tí mo mú wá sí ìpàdé fi jẹ́ 28.1%, nígbà tó jẹ́ 18.8% ni ẹ̀ka ìdàgbàsókè òwò fi ṣe ètò ẹ̀rọ náà. Ìyàtọ̀ yìí ni yóò pinnu bóyá a ó rà á tàbí a ò ní rà á. Ohun kan wà nínú 18.8% tó yẹ kó ti fu wá lára: ó kéré sí èlé nǹkan bí 19% tí ìjọba àpapọ̀ ń san lórí bọ́ǹdì rẹ̀. Bí a bá gbà á, ohun tí à ń sọ ni pé ẹni tó kó owó rẹ̀ sínú kòkó ní ojú ọ̀nà Oǹdó lè gba èrè tí kò tó ti ẹni tó yá ìjọba lówó tó sì jókòó sílé.

```
WACC = (E/V × Ke) + (D/V × Kd × (1 − T))
```

E ni owó onípìn-ín, D ni gbèsè, V ni àpapọ̀ àwọn méjèèjì. Ke ni èrè tí onípìn-ín ń retí, Kd ni èlé gbèsè, T ni owó orí.

Ìwọ̀n owó méjèèjì

Nínú ìwé ìṣirò wa, owó onípìn-ín jẹ́ 420 mílíọ̀nù náírà, gbèsè jẹ́ 630 mílíọ̀nù. Èyí ni ẹ̀ka òwò lò: 40% sí 60%. Ṣùgbọ́n 420 yẹn jẹ́ owó tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ àti èrè tí a kò pín láti ọdún wọ̀nyí wá. Kò sọ iye tí ilé-iṣẹ́ yìí tó lónìí. Kò sẹ́ni tó máa gbà láti tà á ní iye yẹn.

A kò sí lórí pákó ìdókòwò ní Èkó, nítorí náà kò sí iye ojoojúmọ́ tí a lè wò. Mo mú ìpíndọ́gba èrè ọdún mẹ́ta lẹ́yìn owó orí, 210 mílíọ̀nù, mo sọ ọ́ di ìlọ́po 4.5, ó jẹ́ 945 mílíọ̀nù. Èrè ọdún 2024 nìkan ì bá gbé e ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọdún yẹn ni kòkó kọjá 10,000 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kan lọ́jà àgbáyé, tó sì tún fò kọjá 12,000 ní oṣù Kejìlá. Irú ọdún bẹ́ẹ̀ kì í wá léraléra. Pẹ̀lú 630 mílíọ̀nù gbèsè, V jẹ́ 1,575 mílíọ̀nù: onípìn-ín 60%, gbèsè 40%. Òdì kejì ohun tó wà nínú ìwé gan-an ni.

630 mílíọ̀nù gbèsè yẹn jẹ́ ìpíndọ́gba oṣù méjìlá. Bí ẹ bá wo ìwé ìparí oṣù Kejìlá nìkan, ẹ ó rí gbèsè tó wú, torí ìgbà náà ni a ṣì gbé owó báńkì dání láti ra kòkó gbígbẹ ní Ìdànrè àti Ilé-Olújì.

Èlé gbèsè: 29%

Nínú 630 mílíọ̀nù náà, 150 jẹ́ awin ìrànwọ́ ìjọba ní 9%, 480 jẹ́ ti báńkì tí a yá ní 22%. Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 18.9%, òun sì ni ẹ̀ka òwò mú. Èlé àná ni. Láti oṣù Kọkànlá 2024 ni Báńkì Àpapọ̀ ti gbé òṣùwọ̀n èlé tirẹ̀ sí 27.5%, 29% sì ni báńkì wa kọ sínú ìwé tó fi ránṣẹ́ sí wa fún ẹ̀rọ yìí. Owó tí a fẹ́ yá ni ẹ̀rọ náà yóò san, kì í ṣe èyí tí a ti yá.

Mi ò fojú tín-ín-rín awin 9% o. Ó ń gbà wá lọ́wọ́ nǹkan bí 30 mílíọ̀nù náírà èlé lọ́dún. Àǹfààní náà jẹ́ ti ilé-iṣẹ́, yálà a ra ẹ̀rọ tàbí a kò rà á, nítorí náà kò yẹ kí a gbé e fún ẹ̀rọ kan ṣoṣo.

Owó orí ilé-iṣẹ́ jẹ́ 30%, èlé sì máa ń dín èrè tí wọ́n ń bu owó orí lé kù: 29 × 0.7 = 20.3%. Mo yọ owó orí ẹ̀kọ́ gíga 3% sílẹ̀. Bí mo bá fi kún un, àbájáde kò ní yí tó 0.5%.

Èrè onípìn-ín: ibi tí àríyànjiyàn wà

Mo bẹ̀rẹ̀ láti 19% ti bọ́ǹdì ọlọ́jọ́ pípẹ́. Mi ò lo ìwé owó ìjọba ọjọ́ 364, torí ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ohun ọdún kan. Bọ́ǹdì tí wọ́n kọ́kọ́ tà ní oṣù Kejì 2024, tí yóò parí ní 2034, náà ní 19.00% lára ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kàn bá a mu ni. Iye tí olùrà ń rí lọ́jà lónìí ni mo wò.

Béètà ni òṣùwọ̀n bí ewu ìpín kan ṣe tó sí ti gbogbo ọjà ìpín. Èyí tí a ti yọ ipa gbèsè kúrò lára rẹ̀, mo mú 0.75. Mo wo ilé-iṣẹ́ oúnjẹ ní Èkó, mo sì fi ti òkèèrè ṣe àfikún, torí ìpín tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ tà lọ́jà máa ń fún ni ní béètà tó dà bíi pé ewu kò sí. Mo wá dá ipa gbèsè tiwa padà:

```
0.75 × (1 + 0.7 × 40/60) = 1.10
19 + 1.10 × 7.5 = 27.25
```

Ìdá 7.5 yìí ni àlékún tí ẹni tó ra ìpín ń béèrè lórí bọ́ǹdì. Àwọn kan nínú yín ní kí n fi ewu Nàìjíríà kún un. Ó ti wà nínú 19% náà. Bí a bá tún fi kún un, a ti ka ewu kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ wo 27.25% yẹn dáadáa. Ó kéré sí 29% tí báńkì ń gbà. Báńkì ní ìwé ilẹ̀ wa lọ́wọ́, òun ló kọ́kọ́ ń gba owó. Onípìn-ín ló ń jẹun gbẹ̀yìn. Báwo ni ẹni ìkẹyìn ṣe máa gba èrè tó kéré jù? Fọ́múlà náà kò mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ wa kéré, pé orí irè oko kan ṣoṣo la dúró lé, tàbí pé ẹni tó bá fẹ́ ta ìpín tirẹ̀ lè wá oníbàárà títí ọdún méjì. Mo fi 6% kún un: 33.25%. Ìwọ̀n tèmi ni 6% yìí, ẹ lè bá mi jiyàn lórí rẹ̀. Mo gba ọ̀nà mìíràn láti yẹ̀ ẹ́ wò: èlé báńkì 29% àti 4% fún ẹni tó dúró sẹ́yìn báńkì jẹ́ 33%. Ọ̀nà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé.

Àbájáde

```
0.60 × 33.25 + 0.40 × 20.3 = 28.07
```

Tí ẹ bá fi ìwọ̀n inú ìwé, èlé àtijọ́ àti 27.25% ṣe é, 18.8% ni yóò jáde.

Ẹ̀rọ náà jẹ́ 300 mílíọ̀nù náírà, a sì retí 110 mílíọ̀nù lọ́dún fún ọdún márùn-ún lẹ́yìn owó orí. Iye náírà ni, a ti ro ìgbówólórí ọjà mọ́ ọn, a sì ti ṣẹ́ dọ́là bọ́tà kòkó sí náírà. Ìdí nìyí tí mo fi lo èlé náírà látòkè délẹ̀.

Ní 18.8%, owó ọdún márùn-ún náà tó 338 mílíọ̀nù lónìí, èrè 38 mílíọ̀nù. Ní 28.1%, ó jẹ́ 278 mílíọ̀nù, àdánù 22 mílíọ̀nù. Ibi tí kò ti sí èrè tí kò sì sí àdánù jẹ́ nǹkan bí 24.3%.

Mo dán ohun kan wò: bí bọ́ǹdì bá sọ̀kalẹ̀ sí 15%, tí báńkì sì gba 24%, WACC wa yóò jẹ́ 24.27%. Ẹ̀rọ náà yóò kàn san owó ara rẹ̀ ni.

Nítorí náà, kí a má tíì fọwọ́ sí ìwé báńkì. Ọ̀nà méjì ló kù kí ìpàdé oṣù Kẹrin tó dé: kí ẹ̀ka òwò bá ẹni tó ń ta ẹ̀rọ dúnàádúrà títí iye rẹ̀ yóò fi bọ́ sí ìsàlẹ̀ 278 mílíọ̀nù, tàbí kí a béèrè awin ìrànwọ́ tuntun tó jẹ́ ti ẹ̀rọ yìí gan-an. Bí a bá rí èyí gbà, n óò ṣírò àǹfààní rẹ̀ lọ́tọ̀, n óò sì rò ó mọ́ 278 mílíọ̀nù tí owó ọdún márùn-ún ẹ̀rọ náà tó lónìí.