Àlàyé Lórí Èsì Àyẹ̀wò Ilẹ̀ Yín

Ẹ kú iṣẹ́ oko o, bàbá.

Èsì àyẹ̀wò erùpẹ̀ oko àgbàdo yín ló wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

pH rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi bí ilẹ̀ ṣe kan tó hàn, jẹ́ 4.9, òun ló sì ń kọ mí lóminú jù. Ilẹ̀ yín ti kan jù. Bí nọ́ńbà yìí bá fi 1 péré lọ sílẹ̀, kíkan ilẹ̀ ti di ìlọ́po 10 nìyẹn. Nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, alumíníọ̀mù máa ń yọ́, á sì máa pa gbòǹgbò lára. Ẹ hú àgbàdo kan tí kò ṣe dáadáa wò: bí gbòǹgbò rẹ̀ bá kúrú, tó sì ki, àmì rẹ̀ nìyẹn.

Fọsifọ́rọ́ọ̀sì, tó jẹ́ oúnjẹ irúgbìn, jẹ́ 6 mg/kg, ó kéré. Ilẹ̀ tó kan sì tún máa ń dè é mọ́lẹ̀, kì í jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ irúgbìn. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má tíì náwó sórí ajílẹ̀. Láìmù tó ń dín kíkan ilẹ̀ kù ni kí ẹ kọ́kọ́ dà, kí ẹ sì rò ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀ dáadáa ní oṣù méjì sí mẹ́ta ṣáájú ìgbìn. Ẹ má da òun àti yúríà pọ̀, torí náítírójìn inú yúríà á bá afẹ́fẹ́ lọ.

Náítírójìn náà kéré, 0.08%. Ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà á ràn án lọ́wọ́. Pọtásíọ̀mù, 0.35 cmol/kg, dára.

Ẹ wá kí a jọ ṣírò ìwọ̀n láìmù náà kí ẹ tó rà á.

Èmi ni tiyín,
Òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ilẹ̀