Ìbéèrè Ìṣeéṣe àti Sítátísíìkì fún Ẹni Tó Ń Wá Iṣẹ́ Dátà, Pẹ̀lú Àlàyé Ìdáhùn

Nínú 1,000 ìgbà tí oníbàárà bá fi owó ránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni jìbìtì. Ètò kọ̀ǹpútà wa ń mú 99% jìbìtì, àmọ́ ó tún ń fura sí 2% ìfowóránṣẹ́ tí kò lábàwọ́n. Ó ti fura sí ọ̀kan báyìí. Kí ni ìṣeéṣe pé jìbìtì ni?

Ó tó 4.7%. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sáré sọ pé 99%. Mú ìfowóránṣẹ́ 100,000. Jìbìtì inú rẹ̀ jẹ́ 100, ètò náà á mú 99. Èyí tí kò lábàwọ́n jẹ́ 99,900, á sì fura sí 1,998 nínú wọn.

```
99 / (99 + 1998) ≈ 0.047
```

Ìlànà Bayes nìyẹn, bí o kò tilẹ̀ rántí fọ́múlà rẹ̀. Ohun tó ń ṣi èèyàn lọ́nà ni pé "nínú jìbìtì, mélòó la mú?" yàtọ̀ sí "nínú ohun tí a mú, mélòó ni jìbìtì?" Ẹni tó bá yà wọ́n sọ́tọ̀ kó tó ṣírò ni mo máa ń fẹ́ gbà síṣẹ́.

Ṣé ká pa ètò náà tì? Rárá o. Ìfura rẹ̀ tó kí òṣìṣẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ wò, kò tó kí a ti àkáǹtì oníbàárà pa.

Ìgbà mélòó, ní ìpíndọ́gba, la ó ju kọ́ìnì kí orí tó yọ?

Ẹ̀ẹ̀mejì. A ó kọ́kọ́ jù ú lẹ́ẹ̀kan. Nínú ìdajì ìgbà, a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: `E = 1 + E/2`.

Bàbá jẹ́ AS, ìyá jẹ́ AS. Wọ́n bí ọmọ méjì, tí kì í ṣe ìbejì. Kí ni ìṣeéṣe pé, ó kéré tán, ọ̀kan jẹ́ SS?

7/16. Òdìkejì rẹ̀ ló rọrùn láti kà: kí àwọn méjèèjì má jẹ́ SS jẹ́ 3/4 × 3/4, ìyẹn 9/16. Bí o bá ro 1/4 mọ́ 1/4, o ti ka ìdílé tí ọmọ méjèèjì ti jẹ́ SS lẹ́ẹ̀mejì.

Bí àkọ́bí bá jẹ́ SS ńkọ́? 1/4 náà ni fún àbúrò rẹ̀. Àwọn tó gbà pé bí SS kan bá ti wáyé, mẹ́ta tó kù ti bọ́, èrò tó léwu ni wọ́n gbé dání, torí oyún kọ̀ọ̀kan dá dúró.

A fi bọ́tìnì tuntun wé ti àtijọ́ lórí áàpù. Iye p jẹ́ 0.03. Kí ló ń sọ?

Ká ní bọ́tìnì méjèèjì kò yàtọ̀ rárá, ìyàtọ̀ tó tó èyí tí a rí, tàbí tó jù ú lọ, á ṣì ṣèèṣì yọjú nígbà 3 nínú 100. Kò sọ pé ó dá wa lójú ní 97% pé tuntun sàn jù, kò sì sọ bí ìyàtọ̀ náà ṣe tóbi tó. Kí o tó gbà á, béèrè iye àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe. Bí wọ́n bá ṣe 20 tí kò sí ìyàtọ̀ kankan nínú wọn, tí ààlà sì jẹ́ 0.05, `1 - 0.95^20 ≈ 0.64` ni ìṣeéṣe pé, ó kéré tán, ọ̀kan á kéré sí ààlà yẹn.