Ìdajì Ẹtù: Ibi Tí A Ó Ti Gé Apá Kìíní, Ìkejì àti Ìkẹta

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo ti kọ òpin apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta eré wa sílẹ̀ kí a tó lọ sí Ìṣẹ́yìn lọ́jọ́ Ajé. Apá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú 9, a ó sì máa gbé e jáde ní alẹ́ Ẹtì. Ọjọ́ 7 ni òǹwòran yóò fi dúró dè wá, ẹ jẹ́ kí a fún un ní ohun tí yóò máa rò.

Òtítọ́ ìtàn náà nìyí, tiwa nìkan ni ná. Bàbá Àlàkẹ́, ahunṣọ, kú ní 2009. Ẹtù rẹ̀ wà nínú àpótí, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Bàbá Kékeré, àbúrò rẹ̀. Ní 2014, Bàbá Kékeré gé ẹtù yìí sí méjì, ó gbé ìdajì lọ bá oníṣòwò kan ní Ọ̀yọ́, ó pe ara rẹ̀ ní Bàbá Àlàkẹ́, ó sì yá 600,000 náírà. Aṣọ náà kò tó owó yẹn. Orúkọ òkú ló fi dógò. Oníṣòwò náà ti kú báyìí, Dèjì ọmọ rẹ̀ sì ni Àlàkẹ́ fẹ́ fẹ́.

Apá kìíní. Ìyá Àlàkẹ́ fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ da ẹtù bàbá rẹ̀ bora lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Bàbá Kékeré ní kọ́kọ́rọ́ ti sọnù. Wọ́n pe wẹ́dà, ó já àgádágodo. Àlàkẹ́ ń tú aṣọ, ó ń tú u, aṣọ sì tán lójijì. Ìyá rẹ̀ fi ìka tọ etí rẹ̀ lọ, ó ní: “Kòkòrò kì í jẹ aṣọ gún régé báyìí.” Ibẹ̀ ni kí a gé e. Kí ìlù má dún kí ìyá tó sọ̀rọ̀ tán.

Apá kejì. Àwọn àna ń bọ̀, inú ń run Bàbá Kékeré. Ẹ jẹ́ kí ó pa wá lẹ́rìn-ín: ó di ikùn mú, ó ń sáré jáde, ó sì ń pariwo pé kí wọ́n bá òun fi ẹran òun pamọ́. Bí òǹwòran bá rẹ́rìn-ín, kò ní bi í pé kí ló ń sá fún. Àwọn àna dé. Ìyá Dèjì náà da ẹtù bora, ó ní nítorí ìyàwó ọmọ òun ni. Ó dì mọ́ Àlàkẹ́, etí aṣọ méjèèjì pàdé, ilà funfun fínfín inú wọn bá ara wọn mu. Ó tú ọwọ́ kúrò lára ọmọ náà, ó ní: “Ta ni bàbá ọmọ yìí?” Ẹ gé e.

Mo mọ ohun tí àwọn ènìyàn yóò máa kọ sí abẹ́ rẹ̀: ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n! Kí wọ́n máa kọ ọ́. Fíìmù Yorùbá ti lo ìyẹn títí ó fi ṣá, n kò sì fẹ́ ẹ. Ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ apá kẹta ni a ó ti tú u ká. A kò gbọ́dọ̀ fi ìfura yẹn jẹ òǹwòran níyà ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Apá kẹta. Gbèsè lásán ni! Gbogbo ilé mí kanlẹ̀, ẹ̀rín dé, òjò ń rọ̀, àwọn àna kò lè lọ. Ìyá Dèjì ní ọkọ òun rán ìwé gbèsè mọ́ etí aṣọ náà. Wọ́n fi abẹ tú u. Àlàkẹ́ kà á sókè: 14 oṣù Kẹta, 2014. Ìyá rẹ̀ ní: “Lẹ́yìn ọdún márùn-ún tí a sin ín?”

Ẹnìkan nínú yín ní kí a gé e síbẹ̀. N kò gbà. Déètì lórí ìwé jẹ́ ìṣirò, orí fóònù sì ni wọ́n ti ń wò wá. Ẹ jẹ́ kí Bàbá Kékeré wọlé. Ọkọ̀ àwọn àna wà níwájú mọ́ṣáláṣí nítorí ẹrẹ̀, kò rí i, ó rò pé wọ́n ti lọ. Omi ń ro lára rẹ̀, bàtà wà lọ́wọ́ rẹ̀: “Ṣé ẹran mi ṣì kù?” Ìyá Dèjì rí i, ó kúnlẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

“Ẹ káàbọ̀, Bàbá Àlàkẹ́.”

Bàtà já bọ́. A gé e. Kí kámẹ́rà má wo ojú rẹ̀ rárá, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni kí a rí.

Nípa aṣọ: ẹtù kan péré ni a lè rà, ẹ̀ẹ̀kan ni a ó sì gé e. Ẹ fi àǹkárá dánra wò ná. Ojú òfì tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí a rán pọ̀ ni ẹtù, ẹ má gé e tọ ojú ìránṣọ. Gbogbo ará Ìṣẹ́yìn ló mọ̀ pé a lè tú ìyẹn ká láìlo sísọ́ọ̀sì. Ẹ gé e ní ìbú, kí ó la gbogbo ojú òfì já.