Lẹ́yìn tí obìnrin bá ti mọ̀ pé òun ní ẹ̀jẹ̀ ríru: ìwádìí lórí oògùn lílò láàárín àwọn oníṣòwò ọjà Bódìjà, Ìbàdàn

Ìfáárà

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lè jí láàárọ̀, kó gbé ẹrù, kó nájà, kó sì sùn fọnfọn lálẹ́ láìmọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe òun, títí di ọjọ́ tí apá kan yóò rọ tí ẹnu yóò sì wọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé lọ́dún 2019, àwọn tó ń bá àìsàn yìí fínra láàárín ẹni ọdún 30 sí 79 tó bílíọ̀nù 1.28 káàkiri ayé. Nínú mẹ́ta wọn, méjì ló ń gbé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò ti fi bẹ́ẹ̀ wọlé fún aráàlú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tí kò mọ̀ pé àwọn ní in, ẹnì kan péré nínú márùn-ún ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì wálẹ̀ débi tó yẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní Nàìjíríà. Nínú ìwádìí àpapọ̀ orílẹ̀-èdè tí olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akínkùgbé darí, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde lọ́dún 1997, ìdá 11.2 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n rí pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, bẹ́ẹ̀ sì rèé, 160/95 ni wọ́n fi ṣe ààlà nígbà náà, èyí tó ga ju 140/90 tí à ń lò lónìí lọ. Ohun tí àìsàn náà ń dá sílẹ̀ tún wá hàn kedere lọ́dún 2018, nígbà tí ìwádìí kan ní Nàìjíríà àti Gánà, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólàbí ṣáájú rẹ̀, fi àwọn 2,118 tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti ṣe wéra pẹ̀lú iye kan náà tí kò ṣe. Nínú gbogbo ohun tó ń fa rọpárọsẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò, ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣíwájú: wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló rọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ bá dá dùbúlẹ̀ kì í dùbúlẹ̀ nìkan. Ọmọ rẹ̀ kan yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìsọ̀ rẹ̀ yóò sì wà ní títì.

Kò sí àìtó oògùn tó lè dẹ́kun èyí. Amulodipíìnì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti pẹ́ nílẹ̀, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ ni ọ̀nà tó wà láàárín oògùn àti ẹni tó nílò rẹ̀. Àkójọpọ̀ àwọn ìwádìí orílẹ̀-èdè wa títí di 2020 sọ pé bí a bá kó ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru jọ, bíi 29 ló mọ̀, bíi 12 ló ń lo oògùn, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀ kò sì pé mẹ́ta. Láti 29 sí ìsàlẹ̀ mẹ́ta: gbogbo àwọn tó já bọ́ níbẹ̀ ni ẹnì kan ti sọ fún rí. Wọ́n mọ̀. Àwọn gan-an ni ìwé yìí ń sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ìjọba àti àwọn alábàáṣe rẹ̀ ti gbé ìgbésẹ̀. Láti 2020 ni ètò ìkápá ẹ̀jẹ̀ ríru ti bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ilé ìtọ́jú ìlera alábọ́ọ́dé ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti Kánò. Ṣùgbọ́n ìwé irú ètò bẹ́ẹ̀ kò lè sọ ju ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá wá. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí ojúlé sí ojúlé pẹ̀lú kì í sábà bá oníṣòwò nílé lọ́sàn-án. Nínú ọjà, àwọn ẹgbẹ́ aláàánú àti àwọn ìjọ máa ń wá wọn ẹ̀jẹ̀ fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Iye àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ga ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, wọ́n á ní kí wọ́n lọ rí dókítà, wọ́n á sì kó ẹrù wọn. Nínú àwọn ìwé tí a kà, a kò rí èyí tó padà lọ bá àwọn obìnrin ọjà Ìbàdàn ní ìdí ìsọ̀ wọn lẹ́yìn ọdún kan láti bi wọ́n pé: báwo ni oògùn náà ṣe ń lọ?

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, a lọ kí ìyálọ́jà àti àwọn olórí ẹgbẹ́ ọlọ́jà, a sì jókòó ti àwọn obìnrin díẹ̀ tí wọ́n gbà wá láàyè. Ọ̀kan nínú wọn, alátà tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tú àpò owó tó so mọ́ ìdí, ó sì yọ káàdì amulodipíìnì kan jáde láàárín owó ṣẹ́ńjì. Ó ti lé ní oṣù kan tó ti rà á. Hóró márùn-ún ló ti lò níbẹ̀. Ó ní òun kò gbàgbé o, ọjọ́ tí orí bá fọ́ òun ni òun ń lò ó. Nígbà tí a bi í nípa ọjọ́ àyẹ̀wò, ó nawọ́ sí tírélà tí wọ́n ń já apẹ̀rẹ̀ tòmátì nínú rẹ̀. Aago méje àárọ̀ ni ọkọ̀ ń já, aago méje náà ni ènìyàn gbọ́dọ̀ ti wà lórí ìlà ní ilé ìwòsàn.

Alágídí ni wọ́n máa ń pe irú obìnrin bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ àwa òṣìṣẹ́ ìlera. A kò fara mọ́ ọn. Ẹni tí kò sí ẹni tó ṣàlàyé fún pé orí fífọ́ kọ́ ni òṣùwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru kò ṣàìgbọràn sí ẹnikẹ́ni. Yàtọ̀ sí àkókò, owó tún wà níbẹ̀: láti oṣù Òkúdù 2023 tí náírà ti já wálẹ̀, owó oògùn ti gbówó lórí, àpò ara ẹni sì ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò fi ń rà á. Àgbo náà wà níbẹ̀. Bí ìwé ìbéèrè bá kàn bi obìnrin pé “ṣé ẹ ń lo oògùn yín?”, ẹni tó ń mu àgbo láàárọ̀ tó sì ń lo hóró kan lálẹ́ lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó ń mu àgbo nìkan náà lè dáhùn bẹ́ẹ̀, nítorí oògùn ni méjèèjì lẹ́nu wa. A kò tíì mọ iye àṣìṣe tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ti kó wọ inú ìṣirò.

Nítorí náà, èròńgbà ìwádìí yìí ni láti mọ̀, láàárín àwọn obìnrin oníṣòwò ẹni ogójì ọdún sókè ní ọjà Bódìjà tí òṣìṣẹ́ ìlera ti sọ fún, ó kéré tán ní ọdún kan sẹ́yìn, pé wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, iye àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó 140/90 nígbà tí a bá wọ̀n ọ́n ní ìdí ìsọ̀ wọn ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn èyí, a fẹ́ fi hóró tó ṣẹ́ kù nínú káàdì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan, wo bí wọ́n ṣe ń lo oògùn, kí a sì fi èdè Yorùbá fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, pẹ̀lú ìbéèrè tó ya oògùn òyìnbó sọ́tọ̀ kúrò lára àgbo, láti mọ èyí tó ń dí wọn lọ́wọ́ jù nínú owó, àkókò ọjà àti òye wọn nípa àìsàn náà. Obìnrin 420 ni a fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ìwádìí yìí kò sọ bóyá àgbo ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́, kò sì kan àwọn oníṣòwò tí kò gbọ́ Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n pọ̀ ní Bódìjà.