Èsì lórí Orí Kẹta

Mojísọ́lá,

O kú iṣẹ́. Mo ti ka orí kẹta iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ lórí bí ìjọba ṣe wó ilé àwọn ará Èkó tán, ìwádìí rẹ sì jinlẹ̀. Àjàkálẹ̀ àrùn 1924, àjọ LEDB tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú Èkó ṣe, Oko-Àwo, Yábàá, ètò ìwólé 1955, Sùúrùlérè: o ò fo ìkankan. Ṣùgbọ́n mo kà á tán, n kò mọ ohun tí o fẹ́ kí n gbà. Ẹjọ́ wo lò ń rò?

Wo ojú ewé kẹrìnlá. O ní: “Wọ́n fọwọ́ sí ètò náà ní 1955. Wọ́n kọ́ ilé sí Sùúrùlérè. Àwọn kan kó lọ.” Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ kò sí èyí tó fa èkejì. Kí ló dé tí àwọn kan kó lọ, tí àwọn yòókù ò lọ? Ìwọ fúnra rẹ ti dáhùn, àfi pé o fi ìdáhùn náà pamọ́ sínú àlàyé wínníwínní ní ìsàlẹ̀ ojú ewé kejìlélógún: ọmọ aláṣọ tó sọ fún ọ pé iwájú ilé ni ìyá òun ti ń tajà l'Ékòó, pé nígbà tí wọ́n dé Sùúrùlérè, owó ọkọ̀ ló ń jẹ èrè. Mo fa ìlà pupa sí i. Inú ìpínrọ̀ yẹn ni orí yìí wà! Ìjọba ń ka yàrá. Àwọn tí wọ́n wólé lé lórí ń ka oníbàárà, ẹbí àti ogún bàbá wọn. Tí èyí bá ni èrò rẹ, sọ ọ́ ní ojú ewé kìíní. Tí kì í bá ṣe òun, sọ tìrẹ, n ó gbà á bí ẹ̀rí bá tì í lẹ́yìn.

Àrùn 1924 gba ojú ewé mẹ́jọ. Ìlera ni ìjọba fi ṣe àwíjàre nígbà náà. Béèrè bóyá àwíjàre yẹn ṣì dúró ní 1955. Ojú ewé méjì tó.

Èyí tó dùn mí jù ni ẹjọ́ Olóyè Olúwa, tí o sọ kọjá ní ìlà kan. Ní 1921, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ọba ní Lọ́ńdọ̀nù dá a pé kí ìjọba san owó ilẹ̀ Àpápá tó gbà bí ìgbà tí ènìyàn ra ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀ gan-an. Ọdún méje kí LEDB tó wáyé nìyẹn. Àwọn aláṣẹ ti mọ̀, nígbà náà, irú ọwọ́ tí ará Èkó fi mú ilẹ̀. Ẹ̀rí ńlá ni, gbé e síwájú.

Má tíì fọwọ́ kan orí kẹrin. Kọ gbólóhùn kan ṣoṣo tó bẹ̀rẹ̀ báyìí, “Èrò mi ni pé”, kí o fi ránṣẹ́ sí mi kó tó di Ọjọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà, wá bá mi ní ọ́fíìsì l'Akọka, kí a jọ wo ìpínrọ̀ tó máa dúró àti èyí tó máa jáde.

Alábòójútó iṣẹ́ rẹ