Ọ̀rọ̀ Ìpàdé Ìlera: Amúaradàgbà Olówó Pọ́ọ́kú àti Ìwọ̀n Tí Ọmọdé Nílò

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin baba wa, ẹ̀yin alágbàtọ́ tí ẹ gbé ọmọ wá, mo kí yín kú ìkàlẹ̀. A ti wọn gbogbo ọmọ tí ẹ gbé wá láàárọ̀ yìí, ìwé ìwọ̀n wọn sì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ká a pamọ́, nítorí iye kílò tí a kọ sínú rẹ̀ ni a ó fi ṣe ìṣirò kan papọ̀.

Nígbà tí a ń wọn àwọn ọmọ, baba kan bi mí pé, bí ẹran ti wọ́n tó yìí, kí ni kí ẹni tí kò lówó ẹran ṣe nípa amúaradàgbà ọmọ rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, torí ìbéèrè náà dára. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbà kí wọ́n tó béèrè pé ẹran àti amúaradàgbà jẹ́ ohun kan náà, èrò yẹn ló sì ń mú kí ọ̀pọ̀ òbí fi owó ńlá ra ohun kékeré, tí wọ́n á sì kọjá lára ohun púpọ̀ tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Èròjà amúaradàgbà ni ara fi ń ṣe iṣan, awọ, irun, ẹ̀jẹ̀ àti àwọn ohun tí ń bá àrùn jà nínú wa. Àgbàlagbà ń fi í dípò èyí tó ti gbó lára rẹ̀. Ọmọdé náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì tún ń fi í dàgbà, ìdí nìyẹn tí kílò kan lára ọmọdé fi ń fẹ́ amúaradàgbà ju kílò kan lára àgbàlagbà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àpapọ̀ ti ọmọdé kéré gan-an.

Báwo ló ṣe kéré tó? Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 ń rí gbogbo ohun tó nílò nínú ọmú ìyá rẹ̀ nìkan, láìfi omi kún un. Láti oṣù 7 sí oṣù 12, ó nílò gíráàmù 1.2 lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan, èyí tó jẹ́ bíi gíráàmù 11 lápapọ̀, ọmú ṣì ń dá apá kan rẹ̀. Láti ọdún 1 sí ọdún 3, gíráàmù 1.05 ni fún kílò kọ̀ọ̀kan, èyí tó jẹ́ bíi 13 lójúmọ́. Láti ọdún 4 sí ọdún 8, ó jẹ́ gíráàmù 0.95 fún kílò kan, èyí tó jẹ́ bíi 19, àwọn tó wà láàárín ọdún 9 sí 13 sì nílò bíi 34, nítorí pé ara wọn ti tóbi sí i. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi kílò ọmọ tó rù ṣe ìṣirò yìí o, nítorí ọmọ tó rù nílò ju ohun tí kílò rẹ̀ ń sọ lọ. Ìwọ̀n tó yẹ ọjọ́ orí rẹ̀ ni kí ẹ lò, kí ẹ sì gbé e wá bá wa.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ ọdún 2 kan tó wọn kílò 12. Kílò 12 lọ́nà 1.05 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gíráàmù 13. Ẹyin adìẹ kan ní bíi gíráàmù 6 nínú, ìdajì ife ẹ̀wà sísè sì ní bíi 7. Ó parí. Mo rí i pé ẹ ń wo ara yín, ẹ̀yin kan sì ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹyin kan àti ìdajì ife ẹ̀wà ti tó iye tí ọmọ yẹn nílò lóòjọ́, láìtíì ka ìrẹsì tàbí àgbàdo tó fi jẹ ẹ́, tí òun náà ní díẹ̀ nínú. Bí ẹ bá sọ gíráàmù 13 di lọ́nà ọgbọ̀n, gbogbo ti oṣù kan jẹ́ 390. Kílò kan ẹ̀wà gbígbẹ ní bíi 220 nínú. Èmi kò sọ pé kí ọmọ máa jẹ ẹ̀wà nìkan, mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé àlàfo tó wà láàárín ohun tí ọmọ ń jẹ àti ohun tó yẹ kó jẹ kì í sábà tó ohun tí a rò.

Wàyí o, báwo ni a ṣe ń mọ èyí tó dín owó jù? Ẹ má wo iye tí ọlọ́jà pe kílò kan, iye gíráàmù amúaradàgbà tí owó yín rà ni kí ẹ wò. Kílò kan ẹ̀wà gbígbẹ, irú yòówù kó jẹ́, ní nǹkan bíi 220. Ẹ̀pà ní bíi 250, ẹ̀wà sóyà sì ju méjèèjì lọ, ó tó 360. Kílò kan ẹran màlúù tútù tí kò ní eegun jẹ́ bíi 200. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹran tí a ń lé kiri kò tilẹ̀ tó ẹ̀wà nínú ìwọ̀n kan náà, bí ó bá sì ní eegun, a tún ti dín in kù. Páálí ẹyin ọgbọ̀n jẹ́ bíi 180. Lítà mílíìkì kan kò ju 33 lọ, torí omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹja tútù fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹran, àmọ́ orí, ìpẹ́ àti egungun lè kó púpọ̀ lọ nínú ohun tí a wọ̀n. Ẹja gbígbẹ ní bíi 600, nítorí pé omi ti gbẹ kúrò lára rẹ̀, nítorí náà owó tó dà bíi pé ó pọ̀ lórí rẹ̀ lè má pọ̀ bí a ti rò.

Kí olúkúlùkù fi owó kílò pín nípasẹ̀ iye yìí, kó rí iye tí gíráàmù kan ń náni. Owó ọjà kì í dúró sójú kan, nítorí náà n kò ní pe iye kankan. Ohun tí mo máa ń rí ni pé ẹ̀wà ló sábà máa ń borí, tí sóyà àti ẹ̀pà ń tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ẹyin àti ẹja kéékèèké gbígbẹ, kí ó tó kan ẹran. Ìkìlọ̀ kan ni pé iye ẹ̀wà gbígbẹ ni mo pè. Ẹ̀wà sísè ti mu omi, nítorí náà gíráàmù 100 rẹ̀ kò ju bíi 8 lọ, ó sì yẹ kí ẹ rántí èyí nígbà tí ẹ bá ń bu oúnjẹ.

Ẹnìkan lè sọ pé amúaradàgbà ẹ̀wà kò dára tó ti ẹran. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Amúaradàgbà ní ègé kéékèèké mẹ́sàn-án tí ara kò lè ṣe fúnra rẹ̀, tí a gbọ́dọ̀ jẹ. Ọ̀kan nínú wọn tí a ń pè ní mẹtiónìnì kò pọ̀ nínú ẹ̀wà, bẹ́ẹ̀ ni láísìn kò pọ̀ nínú ìrẹsì, àgbàdo àti wíìtì. Ṣùgbọ́n láísìn pọ̀ nínú ẹ̀wà, mẹtiónìnì sì wà nínú oúnjẹ oníhóró, tó fi jẹ́ pé bí a bá jẹ méjèèjì pọ̀, èkíní á dí àlàfo èkejì. Ìwọ̀n méjì oúnjẹ oníhóró sí ìwọ̀n kan ẹ̀wà dára fún ọmọdé. Èyí tí ẹ̀wà kò lè ṣe rárá ni fítámì B12, tí kì í sí nínú ohun ọ̀gbìn, ó sì ṣòro fún ara láti mú irin inú ẹ̀wà bí ó ti ń mú ti ẹran. Ẹyin, ẹja kékeré tàbí mílíìkì díẹ̀ lójoojúmọ́ ni owó tí ẹ bá rí kó lọ sí, ọmọ tó kéré jù nínú ilé ló sì yẹ kó kọ́kọ́ kàn. Omi ẹran kò lè dípò ẹran. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń bu omi ọbẹ̀ fún ọmọ, tí àwọn yòókù á jẹ ẹran inú rẹ̀, wọ́n á sì rò pé ọmọ ti jẹ ohun alágbára, bẹ́ẹ̀ sì ni òórùn àti iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú omi náà.

Ohun tó tún ń ba ìṣirò wa jẹ́ ni ebi gan-an. Bí oúnjẹ afúnnilágbára kò bá tó, ara ọmọ á sun amúaradàgbà bí igi ìdáná, ẹyin tí ẹ fi owó rà kò sì ní kọ́ iṣan kankan. Ikùn ọmọdé kéré, bíi mílílítà 30 fún kílò kọ̀ọ̀kan ló máa ń gbà lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà kí oúnjẹ rẹ̀ ki, kí a fi epo díẹ̀ sí i, kí a sì máa fún un lóòrèkóòrè. Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn ìgbà 2 sí 3 lójúmọ́ láti oṣù 6 sí 8, àti ìgbà 3 sí 4 láti oṣù 9 títí tí yóò fi tó ọdún 2, pẹ̀lú ọmú.

Nípa sísè, ẹ rẹ ẹ̀wà sínú omi mọ́jú, ẹ da omi náà nù, kí ẹ sì jẹ́ kí ó hó dáadáa. Ẹ̀wà pupa ńlá tí kò jinná ní oró tó ń mú kí ènìyàn bì, sóyà tútù sì ń dí ara lọ́wọ́ láti lo amúaradàgbà. Ẹ lọ ẹ̀pà kúnná fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, torí odindi ẹ̀pà lè há sí ọ̀fun, kí ẹ sì ṣa èyí tó bu tàbí tó yí àwọ̀ dànù, torí oró inú rẹ̀ kì í kú nínú iná. Mílíìkì màlúù kò gbọ́dọ̀ di ohun mímu ọmọ kó tó pé ọdún kan. Ẹyin tó jinná dáadáa ni kí ẹ fún un. Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá fẹ́ fún un ní ẹyin tàbí ẹ̀pà, ẹ fi díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀sán, kí ẹ sì ṣọ́ ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kuwaṣiọ́kọ̀ kún un. Ní 1935 ni Dókítà Cicely Williams mú orúkọ yìí, tó jẹ́ ti èdè Gáà ní orílẹ̀-èdè Gánà, wọ inú ìwé ìṣègùn. Ó túmọ̀ sí àìsàn tó ń mú ọmọ nígbà tí àbúrò rẹ̀ dé, ìyẹn ni ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú tí wọ́n sì fi oúnjẹ tí kò ní láárí rọ́pò rẹ̀. Ohun tó ń tan òbí jẹ ni pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń wú, tí àwọn ènìyàn á sì ní ó sanra. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì díẹ̀díẹ̀. Bí ojú ibi tí ẹ tẹ̀ bá jìn, tí kò padà kíákíá, omi ló kún un.

Ní báyìí, kí gbogbo ẹni tó gbé ọmọ oṣù 6 sí ọdún 5 wá máa bọ̀ níwájú tábìlì. Téèpù tí a ó fi wọn apá wọn ti wà nílẹ̀. Ọmọ tí apá rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà 12.5 ni a ó jókòó pẹ̀lú ìyá rẹ̀ láti ṣe ètò oúnjẹ rẹ̀. Èyí tí kò tó 11.5, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú, kò gbọ́dọ̀ kọjá òní kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, a ó sì kọ ìwé fún un. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bọ́ ẹ̀wù apá òsì ọmọ sílẹ̀ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wa.