Ìlà oníràwọ̀ tó wà lórí sáfà wa

Àbúrò mi, o bi mí lánàá pé kí ni ìlà tó kún fún ìràwọ̀ yẹn ń ṣe, mo ní màá kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ torí tá a bá sọ ọ́ lórí fóònù wàá gbàgbé.

Ṣé o rí kọ̀ǹpútà kaǹtà Bódìjà, òun ló ń kọ ọjà tí wọ́n bá tà níbẹ̀ sílẹ̀, ti Mọ́kọ́lá náà ń kọ tiẹ̀, àwọn méjèèjì á wá máa jíṣẹ́ fún sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń kó gbogbo ẹ̀ jọ. Ọ̀gá sì fẹ́ rí gbogbo ẹ̀ lójú kan tí ilẹ̀ bá mọ́, pẹ̀lú iye àpò ìrẹsì tó kù. Ohun tá à ń pè ní sínkì ò ju pé kí ìwé ibí àti ìwé ọ̀hún bára mu: èyí tí kò sí lọ́hùn-ún, a gbé e lọ, èyí tó ti yí padà, a tún un kọ. Jọ́ọ̀bù sínkì ni sikírípìtì kékeré, ìyẹn fáìlì tá a kọ àṣẹ sí, tó ń ṣe é. Ẹnikẹ́ni ò tẹ bọ́tìnì kankan o, aago ló ń rán an níṣẹ́.

Ẹni tó ń ṣọ́ aago yẹn ni `cron`. Fojú mégáádì wò ó: ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan á la ojú, á yẹ ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ wò, ìlà tí àsìkò ẹ̀ bá ti tó á ṣe é, tí kò bá sí, á padà sùn. Ìlà tiwa rèé:

```
30 2 * * * /home/soobu/sinki.sh
```

Apá òsì lo ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ìṣẹ́jú ló ṣíwájú (0 sí 59), wákàtí tẹ̀ lé e (0 sí 23, kò mọ àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́), ọjọ́ inú oṣù (1 sí 31), oṣù (1 sí 12), ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀ ló wá kẹ́yìn, 0 ni Sọ́ńdè, 1 ni Mọ́ńdè, títí dé 6 tó jẹ́ Sátidé. Èyí tó kù lẹ́yìn márààrún ni sikírípìtì tó máa ṣe. Ìràwọ̀ ń sọ pé "èyíkéyìí, kò kàn mí". Torí náà aago méjì ààbọ̀ òru lójoojúmọ́ nìyẹn.

Ìràwọ̀ yẹn ló sì kó mi sí wàhálà nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Mo fẹ́ kó ṣiṣẹ́ ní aago méjì, mo wá tẹ `* 2 * * *`, mo lọ sùn. Mo gbàgbé pé mo ti sọ fún un pé ìṣẹ́jú èyíkéyìí, ló bá ṣe é ní 2:00, ó ṣe é ní 2:01, ẹ̀ẹ̀mọ́gọ́ta gbáko kó tó di aago mẹ́ta. Dátà tá a rà fún oṣù náà ti fò lọ kí n tó fọ ẹnu. Odo ló yẹ kó wà níwájú: `0 2 * * *`.

Wo èyí náà:

```
*/15 8-18 * * 1-6
```

Sílááṣì yẹn ni "ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún", dáàṣì ni "láti ibí dé ibẹ̀". Mọ́ńdè sí Sátidé ni, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí dé 6:45 ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe 6:00 géérégé, torí wákàtí 18 pẹ̀lú wà níbẹ̀. Kọ́mà ń to nǹkan jọ, `1,15` níbi ọjọ́ inú oṣù jẹ́ ọjọ́ kìíní àti ìkẹẹ̀ẹ́dógún.

Bí o bá wá fi nọ́ńbà sí ọjọ́ inú oṣù àti ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀ pa pọ̀, bíi `0 6 1 * 1`, má rò pé Mọ́ńdè tó bọ́ sí ọjọ́ kìíní nìkan ló máa dúró dè. Ọjọ́ kìíní á ṣe é, gbogbo Mọ́ńdè á tún ṣe é.

Má sì fi `*/4` ka ọjọ́ ọjà fún ìyá wa. Ọjà máa ń ná lọ́rọọrún láìwo oṣù, àmọ́ `cron` á mú 1, 5, 9 títí dé 29, oṣù tuntun á dé, á tún padà sí 1, ìṣirò ti bàjẹ́ nìyẹn.

Aago sáfà wa, `UTC` ni, ó fi wákàtí kan rẹlẹ̀ sí tiwa, 2:30 ẹ̀ jẹ́ 3:30 ní Ìbàdàn. Tẹ `date` kó o rí i fúnra ẹ. Tí wọ́n bá sì pa sáfà lásìkò tí jọ́ọ̀bù yẹ kó ṣiṣẹ́, ó ti lọ nìyẹn, `cron` kì í san gbèsè, ìwọ lo máa fọwọ́ ṣe é.

Tó o bá fẹ́ wo ìwé ẹ̀, `crontab -l`. Láti yí i padà, `crontab -e`. Jọ̀ọ́ rọra tẹ ìkẹyìn yẹn, torí `r` ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ `e` lórí kíbọ́ọ̀dù, `crontab -r` sì ń pa gbogbo ìwé náà rẹ́ láì bi ẹ́ ní nǹkankan.